Ṣé Lóòótọ́ Ni Ilẹ̀kùn Èdè Kejì Máa Ń Tì?

Nílé-Ifẹ̀, bí ọmọ bá ti ń wọ náṣárì báyìí, àwọn òbí kan á ti pa Yorùbá tì nínú ilé. Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bí ọmọ bá dàgbà kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó ti bọ́ nìyẹn. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣàdédé wáyé. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè ti ń jiyàn lórí rẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí gan-an kì í sábà dé etí àwọn òbí.

Eric Lenneberg ló mú ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀ ní 1967. Ó ní sáà kan wà, láti nǹkan bí ọmọ ọdún méjì títí di ìgbà ìbàlágà, tí ọpọlọ ọmọ fi rọ̀ débi pé èdè máa ń wọlé sí i láìsí ẹ̀kọ́. Ara ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ọmọdé tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa máa ń padà sọ̀rọ̀ dáadáa ju àgbàlagbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lọ. Èdè àkọ́kọ́ ló gbájú mọ́ jù. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fa àbá náà gùn dé orí èdè kejì, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i pé ọmọdé tó bá èdè nílùú máa ń sọ ọ́ ju ẹni tó bá a lágbà lọ nígbẹ̀yìn. Ẹ wo oníṣòwò tó kó wá sí Lágéré láti ilẹ̀ Ìgbò nígbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tòun ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí ọmọ náà bá bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré fún ọdún díẹ̀, ó lè di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ Ifẹ̀ lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ á ná ọjà ní Yorùbá láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á ṣì máa jà mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni ìdí rẹ̀: ṣé ilẹ̀kùn kan ló tì mọ́ bàbá náà lójú, àbí agbára àtikọ́ èdè kàn ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti kékeré títí dé ọjọ́ ogbó?

Ọ̀nà kan wà láti mọ ìyàtọ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ni, àwọn tó dé lẹ́yìn tó ti tì gbọ́dọ̀ rí bákan náà: kò yẹ kí ẹni tó dé ní ogún ọdún fi ọjọ́ orí ju ẹni tó dé ní márùndínlógójì lọ, torí ìta làwọn méjèèjì wà. Bí ọjọ́ orí bá ṣì ń pààlà láàárín àwọn àgbàlagbà náà, a jẹ́ pé kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ní 1989, Jacqueline Johnson àti Elissa Newport dán an wò. Wọ́n mú èèyàn 46, àwọn tó ń sọ èdè Ṣáínà tàbí ti Kòríà, tí wọ́n dé Amẹ́ríkà láàárín ọmọ ọdún 3 sí 39. Wọ́n gbé gbólóhùn 276 sétí wọn láti inú kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sọ èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ọ̀kan sọ pé àgbẹ̀ kan ra ẹlẹ́dẹ̀ méjì lọ́jà, àmọ́ wọ́n ti yọ àmì tó ń fi hàn ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹlẹ́dẹ̀ náà ju ẹyọ kan lọ. Létí Yorùbá, kò sóhun tó ṣe gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kan, ẹlẹ́dẹ̀ méjì, ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Bí èdè Ṣáínà náà ṣe rí nìyẹn.

Àwọn tó dé kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́jọ gba nǹkan bí 269, bíi ti ọmọ onílẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tó dé ní ọdún 8 sí 10 gba 256, ti ọdún 11 sí 15 gba 236, ti ọdún 17 sókè sì gba 210. Ibi tó dùn mọ́ àwọn tó gbà pé ilẹ̀kùn wà nínú jù ni pé láàárín àwọn tó dé lẹ́yìn ọdún 17, ọjọ́ orí kò sọ nǹkan kan mọ́. Àwọn kan gbà dáadáa, àwọn kan kò gbà tó bẹ́ẹ̀, láìka ìgbà tí wọ́n dé sí.

Ní 2001, David Birdsong àti Michelle Molis gbé ìdánwò kan náà fún èèyàn 61 tí wọ́n ń sọ Sípáníìṣì. Àbájáde rẹ̀ yí padà pátápátá. Àwọn tó dé ní kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán, ọjọ́ orí sì wá ń hàn gbangba láàárín àwọn tó dé lágbà, ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Àwọn díẹ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí tilẹ̀ gbà bíi ti ọmọ onílẹ̀. Sípáníìṣì kúkú máa ń sàmì sí ohun tó bá ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹlẹ́dẹ̀ méjì yẹn kò lè rú wọn lójú. Ó dà bíi pé ara ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí ní 1989 jẹ́ ẹrù tí èdè àkọ́kọ́ gbé ka ọmọ lórí.

Ìwádìí tó tóbi jù jáde ní 2018. Joshua Hartshorne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìdánwò girama Gẹ̀ẹ́sì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì tàn ká débi pé èèyàn bí 670,000 ló dáhùn. Wọ́n ní agbára àtikọ́ girama kì í jò títí di nǹkan bí ọdún 17, lẹ́yìn náà ló máa ń já wálẹ̀. Èyí ti pẹ́ ju ìbàlágà Lenneberg lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dà bí ọmọ onílẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún 10 sí 12 ó pẹ́ tán, torí kíkọ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2022, Frans van der Slik àti àwọn mìíràn tún dátà kan náà yẹ̀ wò, àmọ́ wọ́n pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ìjálulẹ̀ náà hàn lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ti wà létí wọn láti kékeré. Lára àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti àwọn tí kò gbé láàárín àwọn tó ń sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba òbí wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣí lọ sí ìlú tí èdè náà ti yí wọn ká láti àárọ̀ dalẹ́. Kíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Basẹlónà, Carmen Muñoz àti ikọ̀ rẹ̀ fi àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé ní ọdún 8 wé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 11, lẹ́yìn tí wákàtí ẹ̀kọ́ wọn ti dọ́gba. Àwọn tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló wà níwájú nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò. Ọmọ kékeré ń fi etí kọ́ èdè láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ, ìyẹn sì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí; wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ kò lè tó o. Ọmọ tó dàgbà díẹ̀ lè gbọ́ àlàyé, kó rántí òfin, kó sì lò ó.

Nílé-Ifẹ̀ níbí, a ti rí ohun tó jọ ọ́. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà odidi, bẹ̀rẹ̀ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà yìí kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èyí kò fi hàn bóyá ilẹ̀kùn wà tàbí kò sí, torí ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ló yàtọ̀, àwọn tó gbọ́ ọ kéré jù kò sì pàdánù.