Nọ́ńbà tó wà nínú SN1 àti SN2 kì í ṣe iye ìgbésẹ̀

"Ìgbésẹ̀ kan ni SN1, ìgbésẹ̀ méjì ni SN2." Gbólóhùn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ ẹ́séè tí wọ́n ní kó fi SN1 wé SN2 nìyẹn, nígbà tó kó o wá hàn mí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa l'Ádó-Èkìtì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n jẹ́ tí rìákíṣọ̀n ìpààrọ̀ ń gbà ṣẹlẹ̀, níbi tí nǹkan kan ti ń gba ipò òmíràn lára kábọ́nì. Mo fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́?"

Mi ò bá a wí púpọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, kò sì sí ọdún tí mi ò rí àṣìṣe yìí nínú ìwé wọn. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé òdìkejì gan-an ló jẹ́ òótọ́. SN2 ló ń parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo; SN1 ló ní ju ẹyọ kan lọ. Hughes àti Ingold, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1930 sí 1940, ló fún wọn lórúkọ yìí. Iye mólékù tó pàdé níbi ìgbésẹ̀ tó lọ́ra jù lọ ni wọ́n fi nọ́ńbà náà kà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìdáná, nítorí ọmọ Èkìtì kì í ṣàjèjì sí iyán. Ká ní iṣu yóò lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí iná, kí gígún rẹ̀ sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ebi bá ń pa àlejò, tí ẹ bá lọ pe èèyàn mẹ́ta kún àwọn tó di ọmọ odó mú, ṣé iyán yóò tètè dé? Kò lè dé. Ìkòkò tó wà lórí iná ló ń dá gbogbo yín dúró. Àwọn agúnyán ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ara ohun tó ń pinnu àkókò.

Bí SN1 ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ mú (CH3)3CCl, tí kábọ́nì àárín rẹ̀ ní ẹgbẹ́ CH3 mẹ́ta lára. Kiloríìnì ni yóò kọ́kọ́ já kúrò fúnra rẹ̀, tí yóò sì fi kábọ́nì sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìropọ̀ lórí. Ìjákúrò yìí ni iṣu tó wà lórí iná, mólékù kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni níúkílíófáìlì, ìyẹn ohun tó gbé elẹ́kitirọ́nù méjì wá fún kábọ́nì, yóò sáré wọlé. Ìyẹn kì í pẹ́ rárá. Nítorí náà, ìyára rẹ̀ nìyí, níbi tí k ti jẹ́ nọ́ńbà tí kò yí padà, tí àmì [ ] sì ń sọ bí ohun inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú omi náà:

```
rate = k[(CH3)3CCl]
```

OH−, tó jẹ́ níúkílíófáìlì wa níhìn-ín, kò sí níbẹ̀ rárá. Nínú ti CH3Br, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. OH− ń ti ẹ̀yìn wọlé bí bromíìnì ṣe ń gba iwájú jáde, ní ẹ̀ẹ̀kan náà, láìsí ibùdó kankan láàárín. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà nínú ìgbésẹ̀ kan náà:

```
rate = k[CH3Br][OH−]
```

Ọmọ náà ní, "Báwo la ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ṣé ẹnikẹ́ni rí i ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ohun téèyàn sì lè fojú ara rẹ̀ rí ní láàbù ni mo fi dá a lóhùn. Ẹ po omi mọ́ asitóònù, ẹ fi NaOH díẹ̀ sí i, ẹ kán finọfitalíìnì sínú rẹ̀ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ẹ wá da (CH3)3CCl sí i. Bí rìákíṣọ̀n náà ṣe ń lọ, ásíìdì ń jáde, ó sì ń jẹ NaOH. Nígbà tí NaOH bá tán, àwọ̀ náà á pòórá lójijì, ẹ ó sì tẹ aago dúró.

Ká ní NaOH tí ẹ fi sí i tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá (CH3)3CCl, tí àwọ̀ sì pòórá ní ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ bá wá sọ NaOH di ìlọ́po méjì, tí ẹ kò yí nǹkan mìíràn padà, yóò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá márùnlélọ́gọ́rin. Ká ní OH− ń mú rìákíṣọ̀n náà yá ni, àfikún yìí kì bá mú àkókò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyára kò yí padà. Ohun tó fẹ́ jẹ ló di méjì, ló fi pẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ó lé díẹ̀ ju ogọ́rin lọ nítorí pé (CH3)3CCl fúnra rẹ̀ ń dín kù bí àkókò ti ń lọ. Ẹni tó bá kọ àdánwò kékeré yìí sínú ẹ́séè rẹ̀ ti fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kàn máa ń ka òfin ìyára jáde bí ewì ni.

Ibí ni mo ti yọ ọ̀kan nínú àléébù ẹ́séè rẹ̀. Ó ti kọ ojú ìwé kan lórí SN1, ó kọ òmíràn lórí SN2, ó wá pa á dé. Ìtàn méjì ni ìyẹn, kì í ṣe ìfiwéra, ìfiwéra ni ìbéèrè sì ní kó ṣe. Mo ní kó mú ìbéèrè kan, kó fi dá àwọn méjèèjì lóhùn nínú ìpínrọ̀ kan náà, kó tó bọ́ sí èkejì. Kó kọ́kọ́ fi ìyára bẹ̀rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde.

Ẹ wo bí ìbéèrè kejì, ìyẹn bí mólékù ṣe ń yí, ṣe ń ti inú àkọ́kọ́ wá. Nínú SN2, níwọ̀n bí OH− ti ń gba ẹ̀yìn wọlé, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó kù lára kábọ́nì á yí sí òdìkejì, bí agboòrùn tí afẹ́fẹ́ tú síta. Paul Walden, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, ti rí irú ìyípadà yìí ní ọdún 1896, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Nínú SN1, kábọ́nì tí kiloríìnì fi sílẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó ń bọ̀ sì lè gba ọ̀tún tàbí òsì wọlé, ìyẹn ló fi ń bí àdàlù irú méjèèjì, èyí tó yí padà àti èyí tí kò yí. Kì í sábà pín sí méjì dọ́gba, ṣá o. Ìgbà mìíràn, ẹni tó ń kúrò kò tíì lọ jìnnà, ó ṣì dí ẹ̀gbẹ́ kan lójú ọ̀nà, ìyẹn ni irú tó yí padà fi máa ń pọ̀ díẹ̀ ju èkejì lọ.

Bí kábọ́nì bá ní ẹgbẹ́ CH3 mẹ́ta lára, ẹ̀yìn ti dí, SN2 kò rí ibi wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta yẹn kan náà ló ń gbé àmì ìropọ̀ ró fún SN1. Ohun kan tí n kì í fẹ́ kí wọ́n gbàgbé ni pé bí OH− bá pọ̀ jù, tó sì gbóná, (CH3)3CCl á fi ìpààrọ̀ sílẹ̀, á sọ HCl nù, á sì di (CH3)2C=CH2. Ọ̀kan nínú ìdí tí NaOH wa ní láàbù fi kéré nìyẹn.

Ọmọ náà tún gíráàfù agbára rẹ̀ yà, níbi tí òkè kọ̀ọ̀kan ti dúró fún ìgbésẹ̀ kan. Ó ya òkè kan fún SN2, ó ya méjì fún SN1, pẹ̀lú àfonífojì láàárín, ti àkọ́kọ́ ga ju ti ìkejì lọ. Ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, bó bá jẹ́ omi ló wọlé dípò OH− ńkọ́? Ṣé H kan ò ṣẹ́kù tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ní ó ṣẹ́ kù. Ìgbésẹ̀ ti di mẹ́ta nìyẹn, SN1 ni orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi òkè kékeré kan kún un nígbẹ̀yìn.