Ìdí kóńgò: ibi tí áàpù tó ní òun kì í gba ṣáàjì ti ń jèrè

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, yóò rí nǹkan mẹ́ta lójú áàpù kó tó sanwó: ṣáàjì, réètì, àti iye náírà tí yóò dé. Bí ṣáàjì bá jẹ́ òdo, wọn á kọ ọ́ gàdàgbà, ojú èèyàn á sì dúró síbẹ̀. "Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá mi fi ránṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun ẹni tó bá mọ bí ìṣirò yẹn ṣe rí.

Ẹni tó bá ń ra gàrí lọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Onígàrí á bu gàrí títí yóò fi yọ ṣóńṣó, á tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Oníbàárà á máa dúpẹ́ èènì, kò ní yí kóńgò náà wò nídìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ibi tí wọ́n tẹ̀ yẹn ni èènì ti jáde, ó tún ṣẹ́kù níbẹ̀. Ṣáàjì òdo ni èènì. Réètì ni ìdí kóńgò.

Iye kan wà tí àwọn báńkì ńláńlá fi ń ra pọ́n-ùn, iye mìíràn wà tí wọ́n fi ń tà á. Àárín méjèèjì là ń pè ní réètì àárín. Áàpù díẹ̀ ló ń fi réètì àárín gan-an ṣẹ́ owó fún oníbàárà, tí wọ́n á wá gba ṣáàjì wọn lọ́tọ̀. Àwọn yòókù á yọ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ohun tí wọ́n yọ yẹn sì lèrè wọn.

Ká ní réètì àárín jẹ́ 2,000 náírà sí pọ́n-ùn kan, kí ìṣirò má baà le. Ẹnì kan fẹ́ fi pọ́n-ùn 200 ránṣẹ́. Áàpù kìíní kò gba ṣáàjì, ṣùgbọ́n 1,940 ni réètì rẹ̀: 388,000 náírà ló máa dé. Áàpù kejì yọ pọ́n-ùn 3, ó sì ṣẹ́ 197 tó kù ní 1,990: 392,030 náírà. Èyí tó gba ṣáàjì ló fi 4,030 náírà ju èyí tó ní ọ̀fẹ́ lòun lọ. Tí a bá wá dá a padà sí pọ́n-ùn 20, áàpù kìíní á san 38,800, èkejì á san 33,830. Ìdí ni pé pọ́n-ùn 3 kì í yí padà, àmọ́ ohun tí wọ́n yọ lára réètì ń tóbi bí owó bá ṣe ń tóbi. Nínú àpẹẹrẹ yìí, nǹkan bíi pọ́n-ùn 120 ni wọ́n ti ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn.

Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ló ń tẹ ìdí kóńgò o. Lọ́pọ̀ ìgbà, pọ́n-ùn tí wọ́n san ní Lọ́ńdọ̀nù kì í kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ náà, tàbí alájọṣe rẹ̀, ti tọ́jú náírà sí báńkì kan ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san án, ìyẹn ló ṣe lè dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí náírà bá já wálẹ̀ nígbà tó wà nípamọ́, àwọn ni wọ́n pàdánù. Láti alẹ́ Jímọ́ọ̀ títí di alẹ́ Àìkú, ọjà owó àgbáyé máa ń tì, nítorí náà àwọn kan á tún yọ díẹ̀ sí i lára réètì lópin ọ̀sẹ̀ kí ọjà má baà bá wọn lójijì.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2013 ní kí wọ́n fi ṣáàjì, réètì àti iye tó máa dé han afowóránṣẹ́ kó tó sanwó. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n sọ bí réètì náà ṣe jìnnà sí réètì àárín tó. Òfin ní kí onígàrí gbé kóńgò síta, kò ní kó yí i dojú dé.

Iye náírà tó máa dé nìkan ni nọ́ńbà tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí èèyàn ṣí áàpù méjì pọ̀, kó tẹ iye kan náà sí méjèèjì, kó wo ìyẹn. Kó sì ṣọ́ra fún réètì àlejò: ọ̀pọ̀ áàpù máa ń fi réètì tó ga fa ojú oníbàárà tuntun mọ́ra, ó sì dìgbà kejì kí ìdí kóńgò tó yọ.