Iye tí ọjà òkèèrè já sí gan-an: bí a ṣe ń pín owó ọkọ̀, owó bodè àti owó ìgbẹ́rùjáde

Nígbà tí oníṣòwò kékeré bá kó oríṣi ọjà méjì tàbí mẹ́ta wọlé pa pọ̀, kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìwé owó tó máa gbà tí yóò sọ iye tí ọjà kọ̀ọ̀kan já sí fún un. Ẹni tó tajà fún un á kọ iye ọjà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ á kọ owó ọkọ̀ lápapọ̀, ajẹ́ǹtì tó bá a gba ẹrù jáde náà á sì kọ tirẹ̀ lápapọ̀. Oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni yóò pín àwọn owó wọ̀nyí sórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ibi ìpín yìí gan-an ni èrè máa ń sọnù sí, nítorí ohun tó yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ni pé kí wọ́n ro gbogbo ìnáwó pọ̀, kí wọ́n sì pín in bí owó tí wọ́n fi ra ọjà kọ̀ọ̀kan bá ṣe tó.

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹrù kan yẹ̀ wò. Oníṣòwò kan ra àgádágodo 1,000 àti ìrọ̀rí 500, dọ́là 4 sì ni ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó àgádágodo jẹ́ dọ́là 4,000, ti ìrọ̀rí jẹ́ 2,000. Ó san dọ́là 900 fún ọkọ̀ ojú omi, 60 fún ìdójútòfò, 973 fún owó bodè, 180 fún iṣẹ́ ajẹ́ǹtì àti ìwé, àti 420 fún gbígbé ẹrù ní èbúté àti ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e dé ilé ìkẹ́rùsí. Gbogbo ìnáwó tó tẹ̀ lé ríra ọjà jẹ́ dọ́là 2,533. Bí ó bá pín in bí owó ọjà ṣe tó, ìrọ̀rí kan àti àgádágodo kan yóò jọ já sí dọ́là 5.69.

Irọ́ ni iṣirò yẹn ń pa. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kò wo owó tí a fi ra ọjà kí ó tó bu owó lé e. Fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò kún kọntéńà kan, àyè tí ẹrù gbà tàbí ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n ń wò: wọ́n á fi àyè mítà kan níbùú, lóròó àti lóókè wé tọ́ọ̀nù kan, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n á sì gba owó lé lórí. Ọkọ̀ òfuurufú náà máa ń wo àyè tí ẹrù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbà, bí kílò 167 ni wọ́n sì sábà máa ń ka àyè mítà kan yẹn sí. Nínú ẹrù wa yìí, àgádágodo gba ẹyọ àyè kan péré, ìrọ̀rí sì gba márùn-ún. Ẹyọ kan tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ dọ́là 150, kí àgádágodo ru 150, kí ìrọ̀rí sì ru 750. Ìdójútòfò ní tirẹ̀ tẹ̀ lé owó ọjà, nítorí iye owó ọjà náà ni wọ́n ń ṣe ìdójútòfò lé lórí: 40 fún àgádágodo, 20 fún ìrọ̀rí.

Ìpín owó ọkọ̀ yìí tún máa ń wọ inú owó bodè. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kì í ṣe orí owó ọjà nìkan ni àwọn aṣọ́bodè ti ń gba owó. Wọ́n á ro owó ọkọ̀ àti ìdójútòfò mọ́ ọn, àpapọ̀ tí a mọ̀ sí CIF. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí kì í ro owó ọkọ̀ láti òkèèrè mọ́ ọn. Ìdá tí wọ́n ń gbà wà lọ́wọ́ nọ́ńbà tí a fi pín ọjà sí ìsọ̀rí, èyí tí òǹkà mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ bára mu káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo ètò HS: àgádágodo wà lábẹ́ 8301, ìrọ̀rí sì wà lábẹ́ 9404. Ká ní ìdá 10 nínú 100 ni ti àgádágodo, tí ti ìrọ̀rí jẹ́ ìdá 20. CIF àgádágodo jẹ́ 4,190, owó bodè rẹ̀ sì jẹ́ 419. CIF ìrọ̀rí jẹ́ 2,770, owó bodè rẹ̀ sì jẹ́ 554. Àwọn aṣọ́bodè lè pín owó ọkọ̀ lọ́nà mìíràn nínú ìwé tiwọn, nítorí náà, iye tí wọ́n kọ síwájú ọjà kọ̀ọ̀kan ni kí oníṣòwò lò. Kí ó sì pín owó bodè ọjà kọ̀ọ̀kan fún iye tí wọ́n dá lé e: bí ìdá tó jáde kò bá bá ti ìsọ̀rí ọjà náà mu, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ọjà náà sí abẹ́ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó ku owó ìgbẹ́rùjáde. Owó èbúté àti ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ lé àyè tí ẹrù gbà, nítorí náà àgádágodo ru 70, ìrọ̀rí ru 350. Owó iṣẹ́ ajẹ́ǹtì àti ìwé kò tẹ̀ lé àyè. A lè pín in bí owó ọjà ṣe tó, kí ó jẹ́ 120 àti 60. Àgádágodo wá já sí dọ́là 4,799 lápapọ̀, ìyẹn 4.80 fún ọ̀kan. Ìrọ̀rí já sí 3,734, ìyẹn 7.47 fún ọ̀kan. Ẹni tó gbà pé 5.69 ni ìrọ̀rí, tó wá ń tà á ní dọ́là 7, rò pé òun ń jèrè 1.31, bẹ́ẹ̀ ó ń pàdánù sẹ́ǹtì 47 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́wọ́ kan náà, ó lè ti bu owó lé àgádágodo kọjá ohun tó yẹ, kí àwọn oníbàárà sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àmì tí èèyàn fi lè mọ̀ ni pé ọjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń tà wàràwàrà, ọjà wíwúwo kò kúrò lójú kan, owó ọwọ́ sì ń dínkù.

Kí a tó ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ó yẹ kí a wo ohun tí iye tí olùtajà dá ti kó sínú. Bí ó bá jẹ́ FOB, owó ọkọ̀ ojú omi kò sí nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ CIF, ó ti wà níbẹ̀, ríro ó lẹ́ẹ̀kejì yóò sì gbé ọjà wọ́n lásán. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra fún CIF tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kéré lọ́nà tó yani lẹ́nu lórí ẹrù tí kò kún kọntéńà, nítorí ẹni tó kó ẹrù náà sábà máa ń gba owó rẹ̀ padà nínú owó tí yóò bù lé e ní èbúté tó ń lọ. Ó tọ́ kí a béèrè iye yẹn lákọsílẹ̀ kí ẹrù tó gbéra.

Owó orí ọjà tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà lẹ́yìn owó bodè yàtọ̀. Orí CIF tí a ti ro owó bodè mọ́ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí òfin fún láyè láti gbà á padà kò gbọdọ̀ kà á mọ́ iye ọjà. Ẹni tí kò lè gbà á padà ni yóò kà á. Bákan náà, ìlànà ìṣirò owó IAS 2 yọ owó òfò tó kọjá bó ṣe yẹ kúrò nínú iye ọjà, irú bí owó ìjìyà nítorí ẹrù tó pẹ́ ní èbúté. Ó dára kí a kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ìjáfara ẹ̀ẹ̀kan má bàa di iye tí a ó máa fi díwọ̀n ẹrù tó ń bọ̀. Ìbàjẹ́ tí a mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní tirẹ̀ wà nínú iye ọjà: bí ìrọ̀rí 20 bá máa ń bà jẹ́ nínú 500, a ó pín 3,734 fún 480, ọ̀kan á sì di 7.78.

Nígbà mìíràn, ọjà ti ń tà kí ìwé owó ajẹ́ǹtì tó dé. Iye tí a fojú bù ni a ó kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà ni a ó fi ojúlówó iye rọ́pò rẹ̀. Bí ajẹ́ǹtì bá gba 90 ju ohun tí a fojú bù lọ, tí ìdajì ọjà sì ti tà, 45 nìkan ni kí a rò mọ́ èyí tó kù nílẹ̀. Ìyókù jẹ́ ìnáwó èyí tó ti tà, inú èrè rẹ̀ ni a ó sì ti yọ ọ́.