Owó Tí Wọ́n Fa Igi Lé: Ibi Tí Ọgbọ́n Ẹ̀dínwó Ti Ṣẹ̀ Wá

Wo bébà owó tó wà lára ọjà ẹ̀dínwó dáadáa. Iye méjì ló máa ń wà níbẹ̀: èyí tí wàá san, àti èyí tó ju ìyẹn lọ tí wọ́n fa igi lé. Bó bá jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kó o ka èkejì yẹn mọ́ lóòótọ́, wọn ì bá ti pa á rẹ́, tàbí kí wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ ọn lórí. Ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń fà, kí ojú lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní san owó yẹn, síbẹ̀ òun gan-an ló ń ta ọjà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ti wà kí ẹnikẹ́ni tó máa lẹ bébà mọ́ ọjà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná ọjà, ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ owó ló ti ju ìdákọ̀ró sómi. Ọkọ̀ lè fì síwá sẹ́yìn, kò ní rìn jìnnà síbẹ̀. Ọlọ́jà pè é ní ogún, oníbàárà ní mẹ́wàá, wọ́n ná an títí wọ́n fi jọ gbà ní mẹ́rìnlá. Ká ní méjìlá ni ọlọ́jà kọ́kọ́ pè é ni, ta ni ì bá tún san mẹ́rìnlá? Àmọ́ nítorí pé ogún ló kọ́kọ́ gbọ́, inú oníbàárà dùn lọ sílé pé òun já mẹ́fà.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Kuékà, ìjọ tí George Fox kó jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé irọ́ pípa lèyí. Bó o bá mọ̀ pé mẹ́rìnlá lo máa gbà, kí lo pe ogún fún? Owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè. Fox fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí èèyàn bá tiẹ̀ rán ọmọdé sí ṣọ́ọ̀bù wọn, bí wọn ì bá ti ṣe sí òbí rẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ṣe sí i. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńlá bí A. T. Stewart ní Niu Yọ́ọ̀kì àti John Wanamaker ní Filadẹ́fíà sọ ọ́ di àṣà. Mi ò rò pé ẹ̀rí ọkàn nìkan ló sún wọn dé ibẹ̀. Bó o bá gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ síṣẹ́, o ò lè fi ọjà síkàáwọ́ olúkúlùkù kó máa ná an bó ṣe wù ú. O ní láti kọ owó sára ọjà.

Nígbà tí owó ti di kíkọ, ọlọ́jà ò rí ẹnu tó máa fi kọ́kọ́ pe ogún mọ́. Lójú tèmi, ibi tí owó tí wọ́n fa igi lé ti ráyè wọlé nìyẹn. Bébà kan náà ló pe ogún tó sì tún já a sí mẹ́rìnlá, oníbàárà ò tíì la ẹnu. Ìnájà ti parí kó tó dé.

Kò pẹ́ tí àwọn kan fi rí i pé kò pọn dandan kí ogún yẹn jẹ́ òótọ́. Lọ́dún 1958, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ìṣòwò gbé ìlànà kan jáde lórí iye owó ẹ̀tàn, wọ́n sì tún un kọ lọ́dún 1964. Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ ò tíì gbó títí dòní. Ọlọ́jà kan ń ta kálàmù oníyíǹkì. Dọ́là 5 ló ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́là 7.50 ló sì máa ń tà á. Lọ́jọ́ kan, ó gbé e sí dọ́là 10. Ó mọ̀ pé bóyá lẹnì kan máa rà á níye yẹn, kò sì dùn ún, torí ọjọ́ díẹ̀ péré ló fẹ́ fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá a padà sí 7.50, ó wá ń polongo pé: dọ́là 10 ni tẹ́lẹ̀, 7.50 péré ni báyìí! Èrè rẹ̀ ò dín kọ́bọ̀. Ohun tí àjọ náà ń béèrè ni pé kí owó àtẹ̀yìnwá jẹ́ èyí tí ọlọ́jà fi ọjà náà sílẹ̀ fún aráàlú ní gbangba, fún àkókò tó tó, tí kì í ṣe nítorí kó lè rí nǹkan fa igi lé.

Ẹ wò ó, àwọn ọlọ́jà àti ìjọba ti mọ èyí kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó fún un lórúkọ. Ọdún 1974 ni Amos Tversky àti Daniel Kahneman tẹ àbájáde ìdánwò kan tó lókìkí jáde. Wọ́n ní àgbá kan tó ń yí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà 0 títí dé 100 sí lára, àmọ́ wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i: orí 10 tàbí 65 nìkan ló ń dúró sí. Wọ́n yí i lójú ẹni tí wọ́n ń dán wò, wọ́n sì bi í pé ṣé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó jẹ́ ti Áfíríkà ju nọ́ńbà yìí lọ ni àbí kò tó o; lẹ́yìn náà kó sọ ìdá tó rò pé ó jẹ́ gan-an. Àárín ìdáhùn àwọn tó rí 10 jẹ́ 25. Ti àwọn tó rí 65 jẹ́ 45. Àgbá tó kàn ń yí, tí kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà! Ìdákọ̀ró náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí pè é: ọkàn á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n gbé e lé, á sún díẹ̀, á sì tètè dúró.

Lọ́dún 1985, Richard Thaler, onímọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé, fi ohun kan kún un tó bá ọ̀rọ̀ kálàmù wa mu. Ó ní adùn méjì ló wà nínú ríra nǹkan. Ọ̀kan ni ìwúlò ọjà náà. Èkejì ni adùn pé a rí i rà ní pọ́ọ́kú, èyí tá à ń mọ̀ nípa fífi ohun tá a san wé ohun tá a rò pé ó yẹ ká san. Kálàmù oní 7.50 tí kò ní owó mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní adùn kejì yìí rárá. Bó o bá kọ 10 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dọ́là 2.50 ti yọ bí ẹ̀bùn. Kálàmù ò yí padà, owó tó jáde lápò ò yí padà, síbẹ̀ ọjà náà ti dùn sí i.

Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ọlọ́jà bá yọ adùn kejì kúrò hàn ní ilé ìtajà JCPenney l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2012. Ọ̀gá wọn tuntun, Ron Johnson, pa ẹ̀dínwó àrà ọ̀tọ̀ tì, ó sì kọ owó kan tó wálẹ̀ sára ọjà láti ọjọ́ kìíní. Ohun tí Kuékà fẹ́ gan-an. Lọ́dún yẹn, ọjà tí wọ́n tà ṣubú láti nǹkan bí bílíọ̀nù 17.3 dọ́là sí nǹkan bí bílíọ̀nù 13, Johnson sì kúrò ní oṣù kẹrin ọdún 2013. Kì í ṣe bébà owó nìkan ló yí padà níbẹ̀ o. Ó tún ilé ìtajà náà tò, ó sì pààrọ̀ irú ọjà tí wọ́n ń tà, nítorí náà a ò lè di gbogbo ẹrù náà lé owó lórí. Àmọ́ ohun tí wọ́n yára dá padà lẹ́yìn rẹ̀ ni owó gíga tí ẹ̀dínwó ń tẹ̀ lé.

Àwọn ará Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn: wọn ò ní kí ọlọ́jà má ju ìdákọ̀ró, wọ́n kàn sọ ibi tó gbọ́dọ̀ jù ú sí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022, ẹni tó bá kéde pé òun dín owó kù gbọ́dọ̀ kọ iye tó kéré jù tó ta ọjà náà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, ṣáájú ẹ̀dínwó náà. Ilé ìtajà oúnjẹ kan ní Jámánì kọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní lẹ́tà wínníwínní. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà ní yúrò 1.29, wọ́n fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún gàdàgbà sójú bébà, 1.69 tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iye tó kéré jù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ńkọ́? 1.29. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024 sì ni Ilé Ẹjọ́ Ìdájọ́ Yúróòpù sọ pé orí iye tó kéré jù yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣírò ẹ̀dínwó tí wọ́n ń kéde. Ẹ̀dínwó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wá di òdo.