Áútìdọ̀ tó funfun nígbà òtútù: kì í ṣe pé gáàsì ti tán o

Ọmọ àǹtí mi tó wà ní Máńṣẹ́sítà ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, mo ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ níbí l'Ádó. Áútìdọ̀, ìyẹn apá tó wà níta lára híìtì pọ́ọ̀ǹpù tó ń mú ilé ẹ̀ móoru, ti funfun báláú, àfi bí ẹni tí wọ́n da ẹ̀lùbọ́ láfún sí lára. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní gáàsì ẹ̀ ti tán." Ẹni tó sọ fún un, ọmọ ilé wa ni, ó ti ṣiṣẹ́ eésíì rí nílé kó tó lọ sọ́hùn-ún, ó sì ti ní òun máa wá fi gáàsì kún un tó bá di Sátidé. Mo ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án ná.

Mi ò bínú sẹ́ni yẹn o, torí mo mọ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ yẹn. Níbí, òótọ́ ni. Eésíì tiwa, inú ilé ló ti ń kó ooru jáde lọ dà síta, áútìdọ̀ ni apá tó máa ń gbóná, tẹ́ ẹ bá wá rí i tí páìpù ẹ̀ ń di yìnyín, ẹ yáa wò ó bóyá gáàsì ń jò tàbí fítà índọ̀ ti dọ̀tí. Ohun tí ọ̀gá kọ́ àwa tá a kọ́ṣẹ́ yìí ní Èkìtì nìyẹn. Àmọ́ híìtì pọ́ọ̀ǹpù nígbà òtútù, ńṣe ló ń kó ooru látìta wọlé, kọ́ìlì ìta, ìyẹn páìpù tí gáàsì ń gbà kọjá, ló wá di apá tó tutù.

Ẹ máa ní ooru wo ló wà níta níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gbọ̀n. Ó wà. Gáàsì R32 tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, tí nǹkan kan ò bá tẹ̀ ẹ́ ju afẹ́fẹ́ ayé lásán lọ, ní bíi -52 °C ló ti ń hó, torí náà afẹ́fẹ́ tó wà ní 2 °C, iná ni lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru kì í fúnra ẹ̀ kúrò níbi tó tutù lọ síbi tó gbóná, kọ́ìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń gba ara ẹ̀ kọjá lọ. Tí ìta bá wà ní 2, kọ́ìlì lè wà ní bíi -5, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn á wá lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dì síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá náà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn máa ń rò, pé bí òtútù bá ṣe ń le sí i ni yìnyín yẹn á máa pọ̀ sí i. Rárá o. Ẹ gbé ìgò mínírà tútù sórí tábìlì lóṣù kẹsàn-án, kò ní pẹ́ tára ẹ̀ á fi máa làágùn tí omi á sì máa ṣàn sílẹ̀. Ẹ gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá mú, ara ẹ̀ ò ní làágùn tó bẹ́ẹ̀, torí omi inú afẹ́fẹ́ ò tó nǹkan. Bó ṣe rí lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Àárín 0 sí 5 °C, tí òjò winniwinni ń rọ̀ tí kùrukùru sì bolẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kọ́ìlì máa ń funfun jù, tó bá wá di -15 afẹ́fẹ́ ti gbẹ, yìnyín tó ń lẹ̀ mọ́ ọn á dín kù.

Wàyí o, kò lè máa dì lọ báyẹn títí. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lára kọ́ìlì, àlàfo àárín wọn ò ju kí afẹ́fẹ́ rọra gbà á kọjá lọ, tí yìnyín bá dí i, ooru tó ń wọlé á kéré, kọ́ìlì á tún tutù sí i, yìnyín á tún yára dì. Ìdí nìyẹn tẹ́rọ náà fi máa ń yọ́ ọ fúnra ẹ̀, tá à ń pè ní dífúrọ́ọ̀sì. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára kọ́ìlì, òmíràn ń wo afẹ́fẹ́, bọ́ọ̀dù á máa fi méjèèjì wéra. Àwọn míì, iye ìṣẹ́jú tí kọnpúrẹ́sọ̀ ti fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń kà, 30 tàbí 60 tàbí 90, kí wọ́n tó wò ó bóyá kọ́ìlì ti tutù jù. Tí àkókò bá tó, fáàfù kan tó wà nínú ẹ̀ á yí ọ̀nà gáàsì padà, gáàsì gbígbóná tó ń ti ara kọnpúrẹ́sọ̀ bọ̀ á gba kọ́ìlì ìta lọ, fáàfù yẹn á pariwo ṣìììì, fáànù ìta á sì dúró kí atẹ́gùn má bàa máa gbé ooru yẹn lọ. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan, híìtì pọ́ọ̀ǹpù ti di eésíì tiwa nìyẹn, inú ilé ló ti ń kó ooru síta. Nílé ọmọ àǹtí mi, omi inú rédíétọ̀, àwọn irin tó ń mú yàrá móoru, ló ti ń mú un, rédíétọ̀ lè lọ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Tí kọ́ìlì bá ti gbóná tó, ó sábà máa ń ju 10 °C lọ dáadáa, tàbí tí bíi ìṣẹ́jú 10 bá pé, á padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń bani jù ni pé nǹkan funfun á máa ru túú látara ẹ̀ bí èéfín. Oru omi ni, bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àwọn tó ń sáré lọ paná ẹ̀ nígbà yẹn ló ń fa wàhálà, torí omi tó ti yọ́ dé ìdajì á tún dì padà, á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ní kọ́mọ náà dúró nídìí fèrèsé kó máa wo aago. 7:42 fáànù dúró, ó gbọ́ ṣìììì, oru omi bẹ̀rẹ̀, omi ń kán tó, tó. 7:48 fáànù tún yí, kọ́ìlì ti padà di dúdú tó ń dán. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ó tún ti ń funfun. Mo ní gáàsì ẹ kò tán.

Àmọ́ nǹkan kan wà nínú fídíò tí ò tẹ́ mi lọ́rùn, ìdí ẹ̀rọ yẹn. Yìnyín tó wà lára kọ́ìlì funfun, ó rọ̀, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere bíi gíláàsì, ó le gbagidi, dífúrọ́ọ̀sì ò sì mú un kúrò. Omi tí ò rọ́nà jáde nìyẹn. Ó lọ wò ó, ewé ti dí ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀, gọ́tà òrùlé tún ń jò sórí ẹ̀. Tírú ẹ̀ bá ga dé ibi fáànù, abẹ́ fáànù á máa gbá a kàkàkà títí á fi kán. Mo ní kó fi kọ̀ntiróò pa á, kó máa rọra da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kì í ṣe omi híhó, kó sì má fi ọ̀bẹ kàn án rárá. Ọ̀bẹ ni ìyá oníṣòwò kan ní Ìkẹ́rẹ́ fi ha fírísà ẹ̀ tí gbogbo gáàsì fi tú jáde lójú ẹ̀, mo rí ihò yẹn, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Tí gáàsì bá dín kù lóòótọ́, ẹ máa mọ̀: yìnyín á sábà mú apá ibi tí gáàsì ti ń wọlé nìkan, apá tó kù á gbẹ, ilé ò sì ní móoru bó ṣe yẹ. Tí gbogbo ẹ̀ bá wá di odindi yìnyín fún wákàtí mélòó kan láì yọ́, sẹ́ńsọ̀, fáàfù tàbí bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ fura sí. Òfin ọ̀hún ò gbà kẹ́ni tí ò ní ìwé ẹ̀rí gáàsì tú u, ìwọ̀n ni wọ́n sì fi ń bù ú, iye gíráàmù wà lára ẹ̀rọ, wọn kì í fojú wò ó. Ẹni tó bá bu kún èyí tó pé tẹ́lẹ̀, ìfúnpá á ga jù, gáàsì olómi lè padà wọ kọnpúrẹ́sọ̀ kó bà á jẹ́.

Wọ́n ti tún gọ́tà ṣe. Fídíò tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kọ́ìlì tún funfun báláú láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀rọ gbẹ.