Ibi tí àlọ́ ilẹ̀kùn mẹ́ta ti ṣẹ̀ wá

Ààlọ́ o! Ẹ dáhùn jàre, ààlọ̀!

Bàbá arúgbó kan ló nílé onílẹ̀kùn mẹ́ta, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Ó fi àpò iyùn pamọ́ sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ó ní ẹni tó bá fẹ́ jogún òun, ilẹ̀kùn kan péré ló máa ṣí, tó bá ti ṣì í ṣí kó máa lọ sílé ẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn yìí ń sọ̀rọ̀ o (ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àlọ́ ni). Dúdú ní, “Iyùn wà lẹ́yìn funfun.” Funfun ní, “Kò sí lẹ́yìn mi.” Pupa náà ní, “Kò sí lẹ́yìn tèmi náà.” Bàbá wá ní, “Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò lè ju ẹyọ kan tó ń sòótọ́ lọ. Ó tán.”

Àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọ̀kan ní funfun ni, ó ní dúdú kúkú ti tú àṣírí ẹ̀. Òmíì ní dúdú ni, pé ẹni tó bá ń nawọ́ sílé ẹlòmíì lẹrù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n pariwo títí, ẹnì kankan ò láyà láti ṣí nǹkan kan.

Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ìka fa ìlà mẹ́ta sínú yẹ̀pẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú dúdú àti funfun. Dúdú ní ó wà lẹ́yìn funfun, funfun ní kò sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò lè jọ parọ́, wọn ò sì lè jọ sòótọ́, tọ́kan bá parọ́, èkejì ti sòótọ́ nìyẹn. Mi ò tíì mọ èwo nínú wọn, kò sì kàn mí. Òótọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní ó lè wà, ọwọ́ àwọn méjì yìí ló wà, kò ṣẹ́ kù fún pupa. Irọ́ ni pupa ń pa nígbà yẹn. Pupa sì ní kò sí lẹ́yìn òun.”

Bàbá ní, “Ṣó dá ẹ lójú?” Ó ní ó dá òun lójú, àmọ́ kóun tún un wò. Tó bá wà lẹ́yìn pupa lóòótọ́, irọ́ ni dúdú pa, funfun sòótọ́, pupa parọ́. Òótọ́ kan péré. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn dúdú ló wà ńkọ́? Funfun àti pupa máa jọ sòótọ́ nìyẹn, òótọ́ ti di méjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn funfun, dúdú àti pupa ló máa sòótọ́, méjì náà nìyẹn. Ó bá dìde, ó ṣí pupa, iyùn nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, èmi ni mo hun èyí, kì í ṣe àlọ́ àwọn baba wa. Àlọ́ àpamọ̀ tiwa, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀. “Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Ẹni tí ò bá tíì dúró ti ìkòkò àmàlà rí, ó lè ronú di ọ̀la, kò ní mọ̀ pé orógùn ni. Ẹnì kan á sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní gbàgbé mọ́. Ti ilẹ̀kùn ò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó o fẹ́ lò ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Ilẹ̀ òyìnbó ni irú ẹ̀ ti wá, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kò sí ìrònú kankan níbẹ̀, ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn ẹ̀ nìyẹn.

Àkójọ ìtàn kan wà lédè Látìn, Gesta Romanorum, tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹrìnlá, àwọn oníwàásù ló ń lò ó. Nínú ẹ̀, wọ́n gbé ohun èlò mẹ́ta síwájú ọmọbìnrin kan, wúrà, fàdákà, òjé, pé kó mú ọ̀kan kí wọ́n tó lè fi ṣaya ọmọ ọba. Egungun òkú ló kún inú wúrà, yẹ̀pẹ̀ ló wà nínú fàdákà, inú òjé ni òkúta iyebíye wà. Òjé lọmọ náà mú, torí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni pé ohun tí Ọlọ́run bá yàn féèyàn lèèyàn máa rí níbẹ̀, ó sì gbà. Ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe làákàyè.

Shakespeare sọ ohun èlò mẹ́ta yẹn di àpótí mẹ́ta nínú eré tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1600, ó fi àwòrán Portia, ọmọbìnrin táwọn ọkùnrin ń wá fẹ́, sínú òjé, ẹni tó bá ṣí i ló máa fẹ́ ẹ. Ọmọ ọba Mòrókò ṣí wúrà, agbárí òkú ló bá. Síbẹ̀, ìwà náà ni wọ́n ń wò, tó o bá mọ ìṣirò bí nǹkan míì, kò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ò tíì sí nínú ọ̀rọ̀ títí di 1882, nígbà tí Frank Stockton, ará Amẹ́ríkà, kọ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n mú dé iwájú ilẹ̀kùn méjì, arẹwà obìnrin lẹ́yìn ọ̀kan, ẹkùn lẹ́yìn èkejì. Ó parí ìtàn ẹ̀ láì sọ èyí tó jáde! Àwọn èèyàn bínú gan-an, èmi náà ì bá bínú.

Raymond Smullyan ló wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wọ́n bí i ní 1919 ní Niú Yọ́ọ̀kì, onídán ni, ó ń tẹ píánò, lọ́jíìkì ló sì fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1959. Ó ní ìgbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1925, àìsàn dá òun dùbúlẹ̀, ni ẹ̀gbọ́n òun Emile bá wọlé wá pé, “Òní ni mo máa tàn ẹ́ bí wọn ò ṣe tàn ẹ́ rí.” Ọmọ náà dúró látàárọ̀ dalẹ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá ní, ṣó o retí pé kí n tàn ẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tàn ẹ́, àbí? Ó ní rárá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní, “O retí ẹ̀, mi ò ṣe é, mo ti tàn ẹ́ nìyẹn.” Ọmọ yẹn ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń rò ó bóyá wọ́n tan òun ni àbí wọn ò tan òun.

Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1978, ó mú àpótí Portia, ó pa ọ̀rọ̀ ara wọn rẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ míì tó lè jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ síbẹ̀, ó wá fi òfin kan kún un: kò lè ju ọ̀kan tó jẹ́ òótọ́ lọ. Òfin kékeré yẹn ló sọ ìdánwò ìwà di ohun téèyàn lè rò débẹ̀. Ní 1982 ó tún padà sórí ilẹ̀kùn àti ẹkùn Stockton, ó bẹ̀rẹ̀ látorí yàrá méjì, ó gùn ún dé mẹ́sàn-án.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣi òfin yẹn sọ, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń pa ilẹ̀kùn mẹ́ta òkè yẹn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n múná lọ, dípò kí n ní “ẹyọ kan ló lè sòótọ́”, mo ní “ẹyọ kan péré ló ń parọ́”. Ọmọ yìí to ìdérí ìgò mẹ́ta sórí tábìlì, ó ń tò ó, ó ń tú u. Ó ní tó bá wà lẹ́yìn dúdú, dúdú nìkan ló parọ́. Tó bá wà lẹ́yìn funfun, funfun nìkan ló parọ́. “Bùọ̀dá, méjèèjì ló ṣeé ṣe, èwo ni kí n ṣí?” Mo ní kó tún ronú dáadáa, ó ronú, èmi náà ronú, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rí i pé èmi ni mo ba àlọ́ jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ní “ààlọ́ o”, kì í dáhùn, á kọ́kọ́ ní kí n sọ iye àwọn tó ń parọ́, kí n sì tún un sọ.