Oówo ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí

Oówo ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí ni ọyún tó kó jọ sínú ẹran ara tó yí ojú ihò ìdí ká. Ó máa ń wú, ó máa ń le, ó sì máa ń lù kì-kì-kì tọ̀sán-tòru, ibà sì sábà máa ń bá a rìn. Nílẹ̀ Yorùbá, jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo ohun tó bá ń dunni nídìí, ìyẹn ló fà á tí ẹni tó ní oówo yìí fi máa ń kọ́kọ́ lọ ra àgbo jẹ̀dí. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni àìsàn méjèèjì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ọyún tí kò rí ọ̀nà jáde ni oówo yìí. A lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí nílé, ṣùgbọ́n oówo yìí kì í dúró deni.

Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀

Nínú ihò ìdí, níbi tó tó sẹ̀ǹtímítà méjì sókè láti ẹnu rẹ̀, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké kan wà tó ń da omi yíyọ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Inú ihò náà ni ojú wọn ṣí sí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ wọn rìn wọ àárín iṣan méjì tó ń pa ihò ìdí dé. Bí ojú ọ̀kan nínú wọn bá dí, àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ọyún á sì kó jọ. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá oówo yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìwà ìmọ́tótó kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ náà, àdídùn kò sì fà á.

Ọ̀nà tí ọyún náà bá gbà ló ń sọ bí àìsàn náà yóò ṣe hàn. Èyí tó bá rọ̀ wá sísàlẹ̀ máa ń jáde sí abẹ́ awọ, lẹ́bàá ojú ihò ìdí, níbi tí ojú lè rí i: ó pọ́n, ó gbóná, ó sì ń dán. Èyí tó bá gba inú iṣan kọjá síta máa ń wọ inú ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ọ̀rá yìí, àyè sì wà níbẹ̀, nítorí náà ọyún púpọ̀ lè kó síbẹ̀ kí awọ tó yí àwọ̀ padà. Ó tún lè gba ẹ̀yìn ihò ìdí yí lọ sí apá kejì. Irú kẹta wà láàárín iṣan méjèèjì: kò sí wíwú kankan níta, ṣùgbọ́n aláìsàn kò lè jókòó, kò sì ní lè fara da kí dókítà ki ìka bọ̀ ọ́ nídìí.

Bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀

Jẹ̀díjẹ̀dí ti inú kì í sábà dunni. Ẹ̀jẹ̀ pupa ròyìròyì tó ń kán lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, tàbí ẹran rírọ̀ tó yọ síta tó sì ṣeé tì padà. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni jẹ̀díjẹ̀dí ti ìta tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀. Ó máa ń yọ lójijì, ó sì máa ń dunni gan-an. Bí ẹ bá wò ó, kókó líle tó dúdú bíi aró ni, ó sì wà ní etí ihò ìdí gan-an. Ìrora rẹ̀ máa ń ga jù láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kì í fa ibà.

Oówo kì í rọlẹ̀. Bí ọyún ṣe ń pọ̀ ni awọ ń fà, bẹ́ẹ̀ ni ìrora ń le sí i lójoojúmọ́, yálà èèyàn yàgbẹ́ tàbí kò yà. Ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ihò ìdí, kì í ṣe ní etí rẹ̀ gan-an. Bí ìrora bá ti wọ ọjọ́ kẹta tó ṣì ń gòkè, tàbí tí ara gbóná tó 38°C, tí òtútù sì ń mú aláìsàn, kí wọ́n gbà pé oówo ni títí dókítà yóò fi sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsí ibà kò sì fi hàn pé kì í ṣe oówo, pàápàá lára arúgbó àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Bí ìdádúró ṣe ń ṣe ìpalára

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 48 tó ní àtọ̀gbẹ. Lọ́jọ́ Ajé, ìdí ń dùn ún lápá ọ̀tún bó bá jókòó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó mu àgbo jẹ̀dí, inú rẹ̀ sì ṣí. Ìgbẹ́ gbuuru yẹn kò dé ibi tí ọyún wà. Lọ́jọ́rú ara rẹ̀ gbóná tó 38.6°C. Ìyàwó rẹ̀ wo ibẹ̀, kò rí nǹkan, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ apá ọ̀tún ni ọkọ rẹ̀ pariwo. Àmì oówo inú ọ̀rá nìyẹn. Wọ́n ra kápúsù tó ń pa kòkòrò àti parasitamọ́ọ̀lù ní kẹ́místì. Lọ́jọ́bọ̀ ibà rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n rò pé ó ti ń san. Parasitamọ́ọ̀lù ló bo ibà náà mọ́lẹ̀. Oògùn tó ń pa kòkòrò kò sì lè wọ inú ọyún dáadáa, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé e kiri kò dé àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa, wíwú náà ti dé àpò kórópọ̀n, awọ ti ń dúdú lójú kan, ó ń rùn, ó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí afẹ́fẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kì í ṣe oówo lásán mọ́. Àrùn náà ti ń gba abẹ́ awọ lọ, ó ń pa ẹran ara bó ṣe ń lọ, ó sì lè tàn kálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ gé gbogbo ẹran tó ti kú kúrò, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àrùn yìí sì máa ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá mú láìka ìtọ́jú sí. Ká ní wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́rú ni, bóyá lílà kan ṣoṣo ni ìbá parí rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kòkòrò HIV, tàbí tó ń lo oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Ìtọ́jú

Lílà ni ìtọ́jú rẹ̀. Kò sídìí láti dúró kí oówo náà rọ̀ tàbí kó ṣe orí kí wọ́n tó là á. Bí ó bá kéré tó sì wà lábẹ́ awọ, dókítà lè gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú kan kú kó sì là á lójúkan náà; èyí tó jìn nílò kí wọ́n fi oògùn mú aláìsàn sùn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n máa ń là á sún mọ́ ojú ihò ìdí bó bá ti ṣeé ṣe tó, nítorí bí ọ̀nà tóóró kan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà, yóò kúrú, yóò sì rọrùn láti tọ́jú. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú awọ kúrò kí ẹnu ojú ọgbẹ́ má baà pa dé kí inú rẹ̀ tó san. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ìka já àwọn àpò kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Wọ́n á yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àwọn kan kì í mọ̀ pé àwọn ní àtọ̀gbẹ àfi ìgbà tí oówo yìí bá yọ. Oògùn tó ń pa kòkòrò wúlò fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára tàbí tí pípọ́n awọ rẹ̀ ti tàn jìnnà, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò lílà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi abẹ tàbí abẹ́rẹ́ là á nílé. Abẹ ilé kò lè dé ibi tó jìn, ó sì lè gé iṣan tó ń di ìgbẹ́ mú.

Lẹ́yìn lílà, ìrora máa ń fò lọ lọ́jọ́ kan náà. Aláìsàn á máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Omi lásán tó. Òògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ máa ń jó ojú ọgbẹ́. Ojú ọgbẹ́ máa ń pa dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ. Lára nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì àwọn aláìsàn, ọ̀nà tóóró kan máa ń ṣẹ́kù láti ibi ẹṣẹ́ náà dé ojú awọ. Bí ọyún tàbí omi bá ṣì ń ba aṣọ jẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, tàbí tí oówo bá tún wú lójú kan náà, ọ̀nà yìí ni kí dókítà wá.